Irun Orí Lóru: Ìdí Tí Fìlà Sátíìnì Fi Ń Dáàbò Bò Ó, àti Bí A Ṣe Ń Wé E

Ní ọjọ́ tí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun, ẹwà irun náà a máa hàn gedegbe. Ìlà orí a mọ́, irun a sì máa dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, irun kéékèèké a ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde lára ìlà dídì, ti ẹ̀bátí a ti rí wúruwùru, ti ẹ̀yìn ọrùn a sì ti so kókó. Onítọ̀hún a ní ọwọ́ onídìrí ni kò dára, tàbí kí ó ní oòrùn àti eruku ni ó ba irun òun jẹ́. Ìrọ̀rí ni kì í sábà rántí láti dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tí ó ń fara kan irun pẹ́ tó o láàárín ọjọ́ kan.

Ẹni tí ó bá sun wákàtí 8 lóru ti gbé orí lé ìrọ̀rí fún ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ náà. Kò sì sí ẹni tí ó ń sùn tí kì í mira. Bí orí bá ti yí sọ́tùn-ún tàbí sósì ni irun ń gbo aṣọ, tí gbogbo ìwúwo orí sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbígbo ẹ̀ẹ̀kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín irun àti aṣọ ní àkókò yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìdí rẹ̀ ni yóò lè wé irun bí ó ti yẹ.

BÍ FỌ́NRÁN IRUN ṢE RÍ

Bí a bá fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo fọ́nrán irun kan, a ó rí i pé ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀ bí a ti rò. Ìpẹ́ tín-tìn-tín ni ó bò ó láti ìdí dé orí, gẹ́gẹ́ bí ìpẹ́ ti bo ara ẹja. Etí àwọn ìpẹ́ náà kọjú sí ṣóńṣó irun. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ra ẹja láti orí lọ sí ìrù yóò rí i pé ara rẹ̀ ń yọ̀. Bí ó bá ra á láti ìrù padà sí orí, ìpẹ́ yóò há a lọ́wọ́. Bákan náà gan-an ni irun. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò nílò ohun èlò kankan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ di fọ́nrán irun gígùn kan mú, kí ó fi ọmọ ìka méjì fún un, kí ó sì fà wọ́n láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Lẹ́yìn náà, kí ó fà wọ́n padà láti ṣóńṣó sí ìdí. Yóò rí i pé ìfà kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Iṣẹ́ ìpẹ́ yìí ni láti dáàbò bo inú irun. Níwọ̀n ìgbà tí ìpẹ́ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, irun ń dán, fọ́nrán kan sì ń yọ̀ kúrò lára èkejì. Bí ìpẹ́ bá gbéra tàbí tí ó ṣí kúrò, irun yóò di ràkọ̀ràkọ̀, fọ́nrán yóò máa há mọ́ fọ́nrán, yóò sì so kókó. Níkẹyìn, ibẹ̀ ni irun yóò ti dá.

Irun tí ó lọ́ kókó, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lórí àwa ènìyàn dúdú, ní ìdí méjì tí ìyà yìí fi ń jẹ ẹ́ ju irun tí ó nà tọọrọ lọ. Èkíní ni pé ara irun náà kò dọ́gba níbi tí ó bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ó sì rọrùn fún un láti dá níbẹ̀. Èkejì ni pé òróró tí awọ orí ń mú jáde kì í tètè ṣàn dé ṣóńṣó irun bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ kò tọ́. Nítorí náà, ṣóńṣó irun, tí ó jẹ́ apá tí ó dàgbà jù lọ lára rẹ̀, ni ó tún máa ń gbẹ jù lọ.

OHUN TÍ AṢỌ Ń ṢE

Òwú ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpò ìrọ̀rí. Fọ́nrán òwú kò gùn. A ní láti ran ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀ kí ó tó di okùn tí a lè fi hun aṣọ, etí àwọn fọ́nrán kúkúrú wọ̀nyí a sì máa yọ jáde lára okùn náà. Nígbà tí a bá wá ń hun ún, okùn kan a gba orí ìkan, a gba abẹ́ ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe títí dé òpin. Aṣọ tí a hun báyìí lágbára, ó sì tutù lára, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kún fún òkè àti kòtò kéékèèké, etí òwú sì wà káàkiri lórí rẹ̀ tí ìpẹ́ irun lè há mọ́.

Ti sátíìnì yàtọ̀. Orúkọ bí a ṣe hun aṣọ ni sátíìnì, kì í ṣe orúkọ ohun tí a fi hun ún. Nínú sátíìnì, okùn kan a gba orí okùn mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó wọ abẹ́ ẹyọ kan. Nítorí èyí, okùn gígùn tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ó pọ̀ ní ojú aṣọ, ibi tí wọ́n ti ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde kò sì tó nǹkan. Òun ni ó mú kí ojú rẹ̀ máa dán, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣú. A lè fi sílíìkì hun sátíìnì, a sì lè fi pólíẹ́sítà tàbí náílọ́ọ̀nù hun ún. Fọ́nrán gígùn tí kò ní etí púpọ̀ ni a sábà máa ń lò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Sányán ilẹ̀ wa lè mú ọ̀rọ̀ yìí yéni dáadáa. Ara ilé tí àwọn kòkòrò inú igbó ń ta ni a ti ń rí òwú sányán, nítorí náà sílíìkì ni. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ kan sányán tí yóò sọ pé ó ń yọ̀ bí sátíìnì. Ìdí ni pé a kì í lè fa fọ́nrán rẹ̀ jáde ní gígùn. Ríran ni a ń ran án bí òwú, híhun tí a sì ń hun ún lórí òfì ni ti okùn kan lókè, okùn kan nísàlẹ̀. Aṣọ iyì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ tí a fi ń wé irun sùn. Kì í ṣe sílíìkì nìkan ni ó ń gba irun là; ojú aṣọ tí ó jọ̀lọ̀ ni.

Àwọn kan a máa sọ pé òwú ń fa omi irun, pé sílíìkì kì í fà á. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àṣìṣe náà wà níbẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ mọ níwọ̀n, òwú gbígbẹ tí ó jẹ́ gíráàmù 100 a máa gba nǹkan bíi gíráàmù 8 omi láti inú afẹ́fẹ́. Sílíìkì a máa gba tó gíráàmù 11. Pólíẹ́sítà kì í gbà tó gíráàmù 1. A rí i nígbà náà pé sílíìkì gan-an ń fa omi ju òwú lọ. Ohun tí ó tọ́ láti sọ ni pé àlàfo pọ̀ nínú okùn òwú tí a ran, ó sì máa ń fa omi àti ìpara tí a fi sí irun wọ inú àlàfo náà. Sátíìnì tí ó jọ̀lọ̀ kì í fà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kì í fà rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì ni pé ó ń dín gbígbo kù.

FÌLÀ TÀBÍ ÀPÒ ÌRỌ̀RÍ?

Àwọn méjèèjì kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí a bá fi sátíìnì rán àpò ìrọ̀rí, irun ṣì ń rìn lórí aṣọ bí orí ti ń yí. Ó kàn jẹ́ pé aṣọ náà ń yọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá dé fìlà sátíìnì, fìlà yóò máa bá orí yí, irun kò sì ní rìn púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìta fìlà ni yóò máa gbo ìrọ̀rí. Nítorí náà fìlà ni ó ń dáàbò boni jù, pàápàá fún ṣóńṣó irun, nítorí pé ó kó gbogbo rẹ̀ sí ibi kan.

Àléébù fìlà ni pé ó lè bọ́ lóru, ooru sì lè mú ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń lo méjèèjì pọ̀, kí ìrọ̀rí lè gba irun bí fìlà bá bọ́. Ní ti ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, kò yẹ kí a dé fìlà fún un sùn, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ orí rẹ̀. Fìlà lè yọ́ bò ó nímú, ó sì lè mú kí ara rẹ̀ gbóná jù.

Ẹni tí ó bá ń ra fìlà lọ́jà gbọ́dọ̀ yí i padà, kí ó wo inú rẹ̀. Fìlà mìíràn ń dán lóde, ṣùgbọ́n òwú tàbí aṣọ ràkọ̀ràkọ̀ ni ó wà nínú, níbi tí yóò ti kan irun. Irú èyí kò wúlò ju aṣọ òwú lásán lọ. Ọ̀nà kan tí a fi lè yẹ̀ ẹ́ wò ni pé kí a fa òwú bùláńkẹ́ẹ̀tì kékeré kan tàbí òwú tí a fi ń nu ojú egbò kọjá lójú aṣọ náà. Bí fọ́nrán òwú bá há mọ́ ọn, irun náà yóò há mọ́ ọn. Bí ó bá kọjá láìfi nǹkan sílẹ̀, aṣọ náà dára.

BÍ A ṢE Ń WÉ IRUN

Kí a mú àpẹẹrẹ akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ó ti tú irun rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kò sì ní dì í títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí a bá na irun náà, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Báwo ni yóò ṣe tọ́jú rẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí irun gbẹ. Irun tútù máa ń nà jù, ó sì máa ń tètè dá ju irun gbígbẹ lọ. Bí a bá sì dì í pa nínú aṣọ, awọ orí yóò wà nínú ọ̀rinrin mọ́jú, yóò máa yún, yóò sì máa rùn. Ojú irun kọ́ ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Kí ó ti ọmọ ìka bọ ìdí irun ní àárín orí àti ní ìpàkọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ó máa ń gbẹ kẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, kí ó da àdí àgbọn tí kò ju ìdajì ṣíbí kékeré lọ sí àtẹ́lẹwọ́, tàbí kí ó yọ́ òrí díẹ̀, kí ó sì fi pa ṣóńṣó irun. Kò sí ìdí fún un láti fi kún awọ orí, nítorí pé awọ orí ní òróró tirẹ̀. Bí ìpara bá pọ̀ jù, aṣọ ni yóò gba èyí tí ó ṣẹ́kù.

Nígbà náà ni yóò pín irun sí ọ̀nà mẹ́fà: ìlà kan láti iwájú orí dé ọrùn, àti ìlà méjì tí ó dábùú rẹ̀. Kí ó fi ọmọ ìka tú kókó inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ṣóńṣó wá sí ìdí, kì í ṣe láti ìdí lọ. Kí ó pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ó lọ́ wọn mọ́ ara wọn bí okùn, láìfà á le ní ìdí. Irun tí a lọ́ báyìí kò ní tú ká, fọ́nrán kan kò sì ní máa wọ inú èkejì lóru. Kí ó tẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ọ̀nà àárín orí, ti ìpàkọ́ kí ó gòkè, ti iwájú kí ó lọ sẹ́yìn, kí wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ láìga bí òkìtì.

Gèlè sátíìnì ni ó kàn. Èyí tí igun rẹ̀ mẹ́rin dọ́gba, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 90, ni ó tó. Kí ó ṣẹ́ ẹ po láti igun kan sí igun kejì, kí ó di onígun mẹ́ta, kí ojú tí ó ń dán sì kọjú sí irun. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jù sí ẹ̀yìn ọrùn, ní ìsàlẹ̀ ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, kí igun àárín sì bò ó lórí wá sí iwájú. Kí ó mú etí méjèèjì gba òkè etí ọ̀tún àti ti òsì wá sí iwájú orí, kí ó ta kókó lé igun àárín náà lórí, kí ó sì ká igun náà padà bo kókó. Iwájú ni ó yẹ kí kókó wà, nítorí pé bí ó bá wà ní ìpàkọ́, orí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ irun ní gbogbo òru.

Bí ó ṣe yẹ kí ó le tó ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ọmọ ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ gèlè láìjà. Àwọn kan a fà á títí iwájú orí yóò fi máa ro wọ́n, nítorí kí ó má baà bọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí a bá ń fa irun iwájú àti ti ẹ̀bátí lójoojúmọ́, ìdí rẹ̀ yóò rẹ̀, irun yóò fà sẹ́yìn, bí ó bá sì pẹ́, ó lè má hù mọ́ títí láé. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó dé fìlà sátíìnì lé gèlè lórí. Rọ́bà fìlà yóò wà lórí gèlè, kò ní jókòó lé irun iwájú, gèlè kò sì ní yọ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí.

Ní òwúrọ̀, kí ó tú kókó kí ó tó ṣí gèlè. Kí ó má ṣe fà á yọ. Bí kò bá ní ṣe irun náà ní ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ náà, kò gbọ́dọ̀ fi òòyà sí i. Kí ó fi ọmọ ìka tú ohun tí ó lọ́, kí ó sì fi ọwọ́ gún irun náà sí ibi tí ó fẹ́.

Bí irun bá jẹ́ ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, iṣẹ́ kò pọ̀ mọ́, nítorí pé onídìrí ti so fọ́nrán pọ̀ ná. Gèlè nìkan tó, kí a sì fà á gba ọ̀nà tí ìlà irun gbà, kí ó má baà gbé irun kéékèèké dìde. Irun tí a fi òwú kó ti ní aṣọ lára ná: òwú náà ni yóò máa gbo ìrọ̀rí dípò irun. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹ̀ àti irun etí iwájú tí òwú kò bò ṣì nílò fìlà. Ní ti irun tí a fi òòyà gbígbóná tàbí oògùn nà, a ń fi búrọ́ọ̀ṣì yí i ká orí sí ọ̀nà kan, kí ó tẹ́ mọ́ orí bí ìkòkò, kí a tó fi gèlè dì í.

BÍ A ṢE LÈ MỌ̀ PÉ Ó Ń ṢIṢẸ́

Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè dán an wò fúnra rẹ̀. Fún òwúrọ̀ 7, kí ó ṣa irun tí ó bá rí lórí ìrọ̀rí òwú sínú ìwé funfun kan. Fún òwúrọ̀ 7 mìíràn, kí ó ṣa èyí tí ó bá rí nínú fìlà sátíìnì àti lórí ìrọ̀rí rẹ̀. Kí ó má ka iye wọn lásán. Kí ó wo ìdí wọn. Fọ́nrán tí ó gùn tó irun orí, tí ó ní kókó funfun kékeré ní ìdí, jẹ́ irun tí àkókò rẹ̀ ti pé. Irun bíi 50 sí 100 ni ó máa ń já bọ́ báyìí lórí ènìyàn lójúmọ́, sátíìnì kò sì lè dá a dúró. Èyí tí ó kúrú, tí kò ní kókó funfun, ni irun tí ó dá. Irú èyí ni ó yẹ kí ó dín kù. Bí kò bá dín kù, kí ó wá ìdí rẹ̀ sí òòyà rẹ̀, sí oògùn tí ó fi na irun, tàbí sí ooru.

Àmì mìíràn wà. Bí fìlà bá ń bọ́ lóru, ó tóbi jù tàbí rọ́bà rẹ̀ ti rọ̀. Bí ìlà bá hàn níwájú orí di ọ̀sán, ó le jù. Bí eéwo kéékèèké bá ń yọ ní etí irun, tàbí tí ibẹ̀ ń dunni bí a bá fọwọ́ kàn án, kí a dáwọ́ dídì í dúró, kí a sì lọ rí dókítà awọ ara bí kò bá lọ. Bí orí bá ń yún, ó lè jẹ́ pé aṣọ ni kò mọ́. Òróró àti òógùn ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí a fọ fìlà, gèlè àti àpò ìrọ̀rí ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú omi tútù àti ọṣẹ tí kò le, kí a má lọ́ wọn, kí a sì sá wọn sí ibòòji. Bí ojú sátíìnì bá ti ń tú, tí okùn rẹ̀ sì ń fà jáde, ó ti di ràkọ̀ràkọ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Fìlà sátíìnì kì í mú irun hù. Ìdí irun, nínú awọ orí, ni irun ti ń hù, aṣọ kò sì dé ibẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kí èyí tí ó ti hù má baà dá kí ó tó gùn, nítorí irun tí ó ń hù ní ìdí tí ó sì ń dá ní ṣóńṣó ni obìnrin ń wò lọ́dọọdún tí ó fi ń rò pé irun òun kì í gùn.